Fífi funfun ẹyin mú omi ẹran mọ́

Ìbéèrè: Omi ẹran mi ṣú. Ṣé lóòótọ́ ni funfun ẹyin lè mú un mọ́ kedere?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Bí funfun ẹyin bá ṣe ń dì nínú omi tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀, yóò so pọ̀ bí àwọ̀n, yóò kó àwọn èérún inú omi náà, yóò sì gbé wọn léfòó. Ọ̀nà yìí ni àwọn alásè ilẹ̀ Faransé fi ń se kọ̀ǹsọmé, ìyẹn omi ẹran tó mọ́ kedere.

Fún líta 2 omi ẹran tútù tí a ti ré ọ̀rá rẹ̀ kúrò, funfun ẹyin 4 tó. Ẹ pò ó díẹ̀, ẹ dà á sínú omi náà, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná kékeré kí ó má baà jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹ má rò ó mọ́. Nígbà tó bá bo ojú omi, ẹ dá ihò kan sí i, kí ẹ lè máa wo omi tó ń rú jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí omi náà bá hó yaya, ìpele funfun ẹyin náà yóò fọ́, omi yóò sì tún ṣú. Láti inú ihò yẹn ni kí ẹ ti fi ìgbákọ bù ú, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ.

Ẹyin máa ń gba díẹ̀ nínú adùn omi ẹran. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń pò ó mọ́ ẹran lílọ̀ tí kò lọ́rá.