Ẹ ya owó ìlérí sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọwọ́

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ wa ní Òṣogbo ní kí n ṣe síláìdì ìròyìn owó ilé kíkọ́. Àwòrán ìṣirò wo ló dáa, irú fọ́tò wo ni kí n fi sí i?"

Ẹ kú làálàá. Èmi ni akọ̀wé kọmitíì ilé kíkọ́ ìjọ wa ní Òkè-Fíà. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni kí wọ́n da owó ìlérí pọ̀ mọ́ owó tó ti wọlé. Ọ̀pá gíga kan nínú àwòrán ìṣirò ni wọ́n fi han ìjọ nígbà kan, wọ́n kọ mílíọ̀nù 12 náírà sórí rẹ̀. Bàbá kan dìde: "Mílíọ̀nù 12 wà nílẹ̀, dẹ́kìn ò sì tíì gorí ilé? Ta ló kó o jẹ?" Kò sẹ́ni tó jẹ kọ́bọ̀. Mílíọ̀nù 7.5 péré ló tíì wọlé, ìyókù ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ṣèlérí. Àwọn kan ò dá owó mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀pá mẹ́rin ni kí ẹ tò sórí síláìdì kan: ìlérí, 12, èyí tó wọlé, 7.5, èyí tí a ná, 6.8, èyí tó kù ní báńkì, 0.7. Ẹ kọ iye sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣírò owó náà sísàlẹ̀. Àwọ̀ tó ṣá ni kí ẹ fi kun ìlérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ ẹni tí kò tíì san tiẹ̀ síbẹ̀. Ìtìjú kì í mú owó wá, ṣe ló ń lé èèyàn kúrò ní ìjọ.

Tó bá jẹ́ ọ̀pá méjì péré lẹ fẹ́ lò, èyí tó wọlé àti èyí tí a ná, ẹ ṣọ́ PowerPoint. Tí iye méjèèjì bá súnmọ́ra báyìí, ó lè má bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ láti òdo. Ká ní 6.4 ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá 6.8 kò ní tó ìdajì ọ̀pá 7.5, ìjọ á sì rò pé owó rẹpẹtẹ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ tẹ àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá Minimum lábẹ́ Bounds, kí ẹ fi 0 sí i.

Ní ti fọ́tò, ibì kan náà ni kí ẹ máa dúró sí yà á lóṣooṣù, kí ẹ fi ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó níye lórí jù ni fọ́tò ohun tí kọnkéré máa bò. Ìpìlẹ̀ àti irin a máa jẹ owó gan-an, bí wọ́n bá sì ti da kọnkéré lé wọn, ojú ò rí wọn mọ́. Kí ẹnì kan lọ yà wọ́n kó tó di pé wọ́n da á: irin tí wọ́n ti dì, ẹnì kan tó dúró nínú kòtò kí jíjìn rẹ̀ lè hàn. Ẹ kọ oṣù àti iye tí iṣẹ́ yẹn jẹ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún bíríkìlà ṣáájú, á dúró dè yín.