"Àyàfi Èyí Tó Bá Hàn": Ìdí Tí Àwọn Onítafsíìrù Kò Fi Fẹnu Kò Lórí Bíbo Ara Obìnrin

Ìbéèrè: Àsàlámù aleikúmù, Àáfà wa. Ọkọ mi fẹ́ kí n máa wọ níkáàbù. Ó ka tafsíìrù àtijọ́ kan sí mi létí pé ẹyinjú kan ṣoṣo ni kí obìnrin yọ síta. Àáfà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní tiẹ̀ sọ pé ojú àti ọwọ́ kò sí lára ohun tí à ń bò. Mo tún gbọ́ olùkọ́ kan lórí fóònù tó ní Kùránì kò dárúkọ irun rárá. Aáyà kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Ó ti wá jẹ́?

Ìdáhùn: Wa aleikúmù sàláàmù, arábìnrin mi. Ẹ ṣí Súrátù Núr, aáyà 31. Ọlọ́hun ní kí àwọn obìnrin onígbàgbọ́ má ṣe fi ọ̀ṣọ́ wọn hàn, "àyàfi èyí tó bá hàn nínú rẹ̀", kí wọ́n sì fa kímáàrì, aṣọ ìborí wọn, bo ọrùn ẹ̀wù wọn. Gbólóhùn kúkúrú tó wà láàárín yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ní Lárúbáwá, ni gbogbo ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun kò sọ ohun tó hàn. Kò sì sọ bóyá obìnrin náà ló fi í hàn ni, tàbí ó kàn hàn fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ọ̀ṣọ́" pàápàá, o lè mú un bí òrùka àti ẹ̀gbà, o sì lè mú un bí ìka tí òrùka wà àti ọrùn tí ẹ̀gbà wà.

Ẹ má rò pé àwọn ará ayé òde òní ló dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn Sàhábà fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀. Ibn Masúùdù sọ pé ohun tó hàn ni aṣọ òde, nítorí pé kò sí bí obìnrin ṣe lè jáde tí a kò ní rí aṣọ tó fi bora. Ibn Abáàsì sọ pé ojú àti ọwọ́ ni, pẹ̀lú tìróò tó wà lójú àti òrùka tó wà níka. Ọmọ ẹ̀yìn Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tí a lè sọ fún pé kò gbọ́ Lárúbáwá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dọ́wọ́ Imáàmù Tàbárì, tó kú sí Bàgìdáàdì ní ọdún 310 Hijira (ìyẹn 923), ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, ó sì yan ti ojú àti ọwọ́. Ọ̀nà tó gbà yàn án ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Kò sọ pé ẹni báyìí ju ẹni báyìí lọ. Ìrun ló fi wọ̀n ọ́n. Ó ní gbogbo ènìyàn gbà pé ẹni tó ń kírun gbọ́dọ̀ bo ìhòòhò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn tún gbà pé obìnrin lè kírun tòun ti ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ní ṣíṣí. Ojú àti ọwọ́ kì í ṣe ìhòòhò nìyẹn. Ohun tí kì í bá sì ṣe ìhòòhò, fífi í hàn kì í ṣe èèwọ̀. Ó wá fi tìróò, òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti làálì kún un, torí pé ibi tí wọ́n wà ni ojú àti ọwọ́.

Ó mọ́gbọ́n wá, àbí? Ṣùgbọ́n Báídáwì, tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, kò gba òṣùwọ̀n yẹn. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ohun tí a gbọ́dọ̀ bò níwájú Ọlọ́hun lórí ìrun, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú ọkùnrin àjèjì lè wò. Lójú tirẹ̀, ìrun ni àyè ojú àti ọwọ́ wà fún. Ní ti wíwò, gbogbo ara obìnrin ló wà ní bíbò, àyàfi níbi tí ọ̀ranyàn bá wà, bí ìtọ́jú àìsàn tàbí ìjẹ́rìí. Samakisárì tó ṣáájú Báídáwì, tó kú ní 1144, kò tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìrun. Ọjà ló wò. Ó ní obìnrin ní láti fi ọwọ́ mú nǹkan, ó ní láti ṣí ojú tó bá fẹ́ jẹ́rìí, tó bá délé ẹjọ́, tó bá ń ṣègbéyàwó, àwọn tálákà láàárín wọn sì ní láti rìn ní ìgboro, nítorí náà ẹsẹ̀ pàápàá á hàn. Aáyà kan náà rèé o, òṣùwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìrun, wíwò, àti iṣẹ́ òòjọ́.

Ẹyinjú kan ṣoṣo tí ọkọ yín kà kò sí nínú àlàyé aáyà yẹn. Inú àlàyé Súrátù Áhásáàbù, aáyà 59, ló wà. Nínú aáyà náà, Ọlọ́hun ní kí Ànábì sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àwọn obìnrin onígbàgbọ́ pé kí wọ́n fa jilbáàbù wọn sún mọ́ ara wọn, pé ìyẹn ló sún mọ́ jù kí a fi lè dá wọn mọ̀, kí a má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Jilbáàbù ni aṣọ ńlá tí wọ́n ń fi bora sórí ẹ̀wù. Ọlọ́hun sọ pé kí wọ́n fà á, kò sọ ibi tí wọ́n á fà á dé.

Kí a fi dá wọn mọ̀ bí kí ni? Ìbéèrè yìí ni ó ya àwọn ará àtijọ́ àti àwọn ará òde òní sọ́tọ̀ jù. Púpọ̀ nínú àwọn onítafsíìrù àtijọ́ dáhùn pé kí a lè dá obìnrin tí kì í ṣe ẹrú mọ̀ yàtọ̀ sí ẹrúbìnrin. Wọ́n sọ pé àwọn oníṣekúṣe Mẹdínà a máa dúró lójú ọ̀nà lálẹ́ nígbà tí àwọn obìnrin bá jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, wọn a sì máa tọ ẹrúbìnrin lẹ́yìn. Tí ẹnì kan bá wọ jilbáàbù, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ẹrú, wọ́n á kúrò lọ́nà rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ wá pé Sàyídínà Úmárù máa ń fi pàṣán na ẹrúbìnrin tó bá bora bí ẹni tí kì í ṣe ẹrú.

Fún ẹni tó ń gbé láàárín ẹrú àti ọmọ onílé, àlàyé yẹn kò ní ìṣòro. Ojoojúmọ́ ló ń rí i lọ́jà. Àmọ́ ẹni tó ń kọ tafsíìrù ní ayé tí kò sí ẹrú mọ́ ní láti bi ara rẹ̀ pé: tí ìdí àṣẹ bá ti kúrò, kí ló kù nínú àṣẹ náà? Ibẹ̀ ni Muhammad Táhírì Ibn Áṣúrì, onímọ̀ ńlá ará Túnísì tó kú ní 1973, ti sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ jilbáàbù yàtọ̀ láti obìnrin sí obìnrin àti láti àṣà sí àṣà, pé ohun tí Ọlọ́hun fẹ́ ni ohun tó wà nínú aáyà fúnra rẹ̀: kí a mọ̀ wọ́n, kí a má yọ wọ́n lẹ́nu. Ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíì, pé àṣà àwọn Lárúbáwá ni òfin yẹn wò, àti pé àwọn ènìyàn tí kì í wọ jilbáàbù kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, ọ̀pọ̀ sì bá a jà lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ará òde òní ni ó máa ń dẹ òfin. Ṣéù Ibn Bàásì ti Sáúdì ní dandan ni níkáàbù. Ṣéù Albánì, tí òun náà ń tẹ̀ lé hadíìsì gírígírí, ní kì í ṣe dandan, ó kàn dára ni. Ọdún 1999 kan náà ni àwọn méjèèjì kú. Ìyàtọ̀ wọn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọ̀làjú. Hadíìsì ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹ gbọ́ ọ̀kan: nígbà Hájì ìdágbére, obìnrin kan láti ẹ̀yà Kásámù wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ànábì. Fádílù, ọmọ Abáàsì, tó jókòó lẹ́yìn Ànábì lórí ràkúnmí, bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin náà nítorí ẹwà rẹ̀. Ànábì yí ojú Fádílù sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Albánì ní: ṣé ẹ rí i, ojú ọkùnrin ló yí, kò ní kí obìnrin bojú. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ibn Bàásì dáhùn pé obìnrin náà wà nínú íhírámù, ìyẹn ipò ẹni tó ń ṣe Hájì lọ́wọ́, obìnrin tó wà nínú íhírámù kì í sì í wọ níkáàbù. Àwọn ti Albánì á tún ní ó lè ti fa aṣọ láti orí wálẹ̀ bojú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Ní ti irun, òótọ́ ni olùkọ́ orí fóònù sọ, ọ̀rọ̀ "irun" kò sí nínú aáyà náà. Ṣùgbọ́n kímáàrì wà níbẹ̀, orí sì ni Lárúbáwá ń fi kímáàrì bò. Nínú Sọ̀híìhù Músílímù, nígbà tí Bìláálù ń sọ bí Ànábì ṣe fi omi pa láwàní rẹ̀ nígbà àlùwàlá, kímáàrì gan-an ló pè é. Àwọn obìnrin ìgbà náà a máa ju etí kímáàrì sẹ́yìn, ọrùn àti àyà á wá wà ní gbangba. Aáyà ní kí wọ́n mú un wá síwájú. Bí ìyá kan bá sọ fún ọmọ rẹ̀ tó ti bo ìborùn lórí pé kó fa etí rẹ̀ bo àyà, n kò rí bí ọmọ náà ṣe máa gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ní kó ṣí orí. Muhammad Ásádì, tó túmọ̀ Kùránì sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1980, rí i lọ́nà mìíràn. Ó ní kímáàrì ti jẹ́ àṣà wọn tẹ́lẹ̀, àyà ni àṣẹ tuntun dojú kọ, àti pé Ọlọ́hun mọ̀ọ́mọ̀ fi "èyí tó bá hàn" sílẹ̀ ní gbayawu nítorí ayé tó ń yí padà. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, n kò sì tẹ̀ lé e lórí irun, torí kò sí ọ̀kan nínú masíhábì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn wa, tó gbà pé obìnrin tí kì í ṣe ẹrú lè ṣí irun sílẹ̀ níwájú àjèjì. Ìyàtọ̀ lórí ojú ti wà láti ayé àwọn Sàhábà. Ti irun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ra fún yín.

Ti Tàbárì ni èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú mi: ojú àti ọwọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ di ẹlẹ́hàá nítorí Ọlọ́hun, ẹ ti rí àwọn tó ṣáájú yín. Àmọ́ nígbà tí ọkọ yín bá tún ṣí tafsíìrù Tàbárì síbi ẹyinjú kan ṣoṣo, tí wọ́n gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abáàsì, ẹ rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni Tàbárì kọ ọ̀rọ̀ kejì sí, pé ohun tí Ọlọ́hun ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n bo orí, kí wọ́n sì so jilbáàbù mọ́ iwájú orí. Wọ́n gba ìyẹn náà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abáàsì.