L ti pléyà yàtọ̀ sí L ti fáànù

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. L ni mo máa ń wọ̀. Mo ra jẹ́sì Super Eagles kan tí wọ́n ní ti pléyà ni, L náà ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ ó fún mọ́ mi níkùn, tí mo bá sì jókòó, ńṣe ló ń ká sókè. Àyà mi jẹ́ ínṣì 40, ikùn mi 42. Ẹni tó tà á ní òun lè bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé XL ni kí n mú?* (Òǹkàwé kan, Ìgbógbó, Ìkòròdú)

Àbúrò, má mú XL ti pléyà o. L ti fáànù ni kí o gbà.

Jẹ́sì ti pléyà ni èyí tí wọ́n gé fún ẹni tó fẹ́ sáré nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó mọ́ra, kí alátakò má rí aṣọ dì mú, kó má sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nígbà tí òógùn bá ti mu ún. Nítorí náà, láti abíyá ni wọ́n ti máa ń gé e wọlé díẹ̀díẹ̀ títí dé ìbàdí. Ti fáànù ní tiẹ̀ máa ń lọ gbọọrọ sísàlẹ̀, torí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n máa ń kọ sí ọrùn àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ní Sábó ti máa ń ṣì í rà.

Téèpù télọ̀ ló máa sọ òótọ́ fún ọ. Tẹ́ jẹ́sì náà sórí tábìlì, fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, àmọ́ má fà á. Wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti abíyá kan dé èkejì, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, wọn etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bákan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wọn ìsàlẹ̀ yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tìẹ wà.

Jẹ́ ká fi aṣọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní L ti pléyà kan jẹ́ ínṣì 20 ààbọ̀ lábíyá, ìyẹn 41 yíká, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20, ìyẹn 40. Àyà rẹ wọ inú rẹ̀, àmọ́ ikùn rẹ fi ínṣì méjì ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Aṣọ náà á fà, ibi tó bá ti tóbi jù ló sì máa sá kúrò: ìdí nìyẹn tó fi ń ká sókè. Tí XL bá fi ínṣì méjì jù ú lọ yíká, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ 42 géérégé, kò ní sí àyè kankan fún mímí àti jíjókòó. XXL á gba ikùn rẹ, àmọ́ àyà rẹ̀ á ti di 45, èjìká á sì máa yọ̀ sílẹ̀ sí apá rẹ. Nínú L ti fáànù, tó bá jẹ́ 22 lábíyá àti 22 nísàlẹ̀, 44 yíká ni lókè àti nísàlẹ̀. Ó fi ínṣì mẹ́rin ju àyà rẹ lọ, ó sì fi méjì ju ikùn rẹ lọ. Ìyẹn dára.

Lójú tèmi, kí ti pléyà fi ínṣì kan sí mẹ́ta ju àyà ẹni lọ, kí ti fáànù sì fi mẹ́rin sí mẹ́fà jù ú lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40, tí ikùn rẹ̀ sì jẹ́ 34, lè wọ L ti pléyà yẹn lọ gbá bọ́ọ̀lù láìní ìṣòro. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgé tirẹ̀, nítorí náà èyí tó wà níwájú rẹ ni kí o wọn.

Tí o bá rí nǹkan bíi 175/96A lára léébù, ti àwọn ará Ṣáínà nìyẹn. 175 ni gíga ẹni tí wọ́n gé e fún, 96 sì ni àyà onítọ̀hún, méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà. Ínṣì 40 tìẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 102, nítorí náà 96 kò lè gbà ọ́, lẹ́tà yòówù tí wọ́n bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ pé ó máa fẹ̀ sí i tí o bá fọ̀ ọ́. Pọ́lísítà ni, fífọ̀ kì í mú un fẹ̀. Òótọ́ ni pé ti pléyà máa ń nà díẹ̀, àmọ́ tó bá ń nà ní gbogbo ìgbà, nọ́ńbà àti báàjì tí wọ́n fi iná tẹ̀ mọ́ ọn á bẹ̀rẹ̀ sí í là, wọ́n á sì máa ṣí.

Níbi tí o bá ti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, wọ̀ ọ́, kí o gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí o sì jókòó. Tí ìlà fífà bá hàn láti abíyá sí abíyá, tàbí tí ìdodo rẹ bá yọ síta, dá a padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó ní kí wọ́n tẹ orúkọ sí i, torí kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa gba èyí tí wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ sí lẹ́yìn.