Èsì: Lógò àkọ́kọ́ tí kò bá ọjà yín mu

«Lógò mẹ́ta ni àwọn ayàwòrán yà fún elùbọ́ tí mo ń tà ní Bódìjà, kò sí èyí tó wù mí. Kí ni kí n kọ sí wọn tí kò ní dìjà?»

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ ìpinnu yín ní ìlà àkọ́kọ́: "Ẹ ṣeun. A ò ní mú ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Tí ẹ bá fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á rò pé àtúnṣe díẹ̀ lẹ fẹ́, àwọn yẹn náà ni wọ́n á tún gbé wá.

"Kò wù mí" ò lè ran ayàwòrán lọ́wọ́. Ibi tí lógò ti máa ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣàlàyé:

"Àwọ̀ kan ṣoṣo la fi ń tẹ àpò wa, nítorí náà àwọ̀ tó ń ṣá díẹ̀díẹ̀ nínú ìkíní kò ní jáde. Ewé inú ìkejì tín-ín-rín jù. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ó di àbàwọ́n. Ìkẹta jọ ti ilé ìwòsàn, oúnjẹ ilé sì ni oníbàárà wa ń wá. Ohun tó bá wa mu ni lẹ́tà tó nípọn, tí èèyàn lè kà láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fún wa ní àbá tuntun 2, ní dúdú àti funfun ná."

Ẹ má yà á fún wọn o. Ẹ sọ ìṣòro, kí wọ́n wá ojútùú.

Èyí dúró bí àdéhùn yín bá ṣì fàyè gba àtúnyà, tí ẹ sì ti sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ kan yẹn fún wọn tẹ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, kí ẹ sì béèrè iye owó tó máa lé e kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.