Àmì ohùn àti ìrísí kejì nínú fọ́ǹtì ìfọwọ́kọ Yorùbá

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ìfọwọ́kọ màmá mi di fọ́ǹtì, kí n lè máa fi tẹ káàdì ìpè. Màmá ti kọ ọ́ sínú tẹ́ńpílétì, mo sì ti síkáànì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ohùn kò dúró síbi tó yẹ, lẹ́tà kan náà sì ń jọra wọn gẹ́lẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan, bíi pé kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́. Ibo ni mo ti ṣì í?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní níbí ní Ìkòròdú, ìfọwọ́kọ bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo sì kọ́kọ́ sọ di fọ́ǹtì. Mo ti tẹ 100 káàdì tán kí n tó rí i pé nínú "Ọ̀rẹ́", àmì orí Ọ̀ ti lọ fara ti r. Owó ara mi ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Láti orí tẹ́ńpílétì ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Calligraphr, ìkànnì tó ń sọ ìfọwọ́kọ di fọ́ǹtì, ni mo lò. Nígbà tí mo ṣe tèmi, àyè 75 ni wọ́n fún ẹni tí kò sanwó, àti ìrísí méjì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà kékeré 26 ti Gẹ̀ẹ́sì, torí c àti v àti z wà nínú orúkọ àwọn ènìyàn. Ẹ fi ẹ, ọ àti ṣ kún un, ó di 29. Lẹ́tà ńlá 29 mìíràn, ó di 58. Nọ́ńbà 10, ó di 68. Ó ku méje péré, bẹ́ẹ̀ á à é è í ì ó ò ú ù nìkan jẹ́ mẹ́wàá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi àmì méjì péré sínú tẹ́ńpílétì, ´ àti `, mo wá fi àmì márùn-ún yìí dí àyè tó kù: . , ? - '. Ó pé 75 géérégé. Lẹ́tà olóhùn kankan kò sí nínú ohun tí bàbá kọ. FontForge, ètò kọ̀ǹpútà fún ṣíṣe fọ́ǹtì tí a kì í sanwó fún, ni mo fi so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí màmá bá ń kọ ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ojú ìwé kan lásán, lẹ́tà sí ọmọ ìyá wọn tàbí ohunkóhun tó bá wù wọ́n, torí àpótí máa ń mú kí ènìyàn ya lẹ́tà dípò kó kọ ọ́. Ẹ gbé ojú ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n máa wò ó. Máákà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n lò. Bírò máa ń já lójú ọ̀nà, síkáánà á sì gbé ibi tó ti já jáde.

Ibi tí bàbá ti ṣì í jù ni ẹ àti ọ. Wọ́n rí i pé àyè ìsàlẹ̀ àpótí kéré, wọ́n bá gbé lẹ́tà náà sókè kí àmì ìsàlẹ̀ lè rí àyè. Nígbà tí fọ́ǹtì jáde, gbogbo ẹ àti ọ ń fò kúrò lórí ìlà bí ìgbà tí ọmọ ń fò okùn. Orí ìlà ni ikùn lẹ́tà gbọ́dọ̀ jókòó sí, gẹ́gẹ́ bí o tí kò ní àmì. Àmì ni yóò sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà. Kí àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà àti àmì fẹ̀ tó ojú máákà lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, méjèèjì á lẹ̀ pọ̀ lójú síkáánà, ọ á wá dà bí o tó hu ìrù. Àmì ohùn náà ńkọ́? Àpótí rẹ̀ ṣófo, bàbá sì fi gígùn àmì kún un. Kí wọ́n kọ ọ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ ọ́ lórí a.

Ẹ síkáànì rẹ̀ ní 300 dpi, ó kéré tán. Mo ti gbìyànjú fóònù rí: òjìji ọwọ́ mi bọ́ sí apá kan ìwé, gbogbo lẹ́tà apá ibẹ̀ sì ki ju ti apá kejì lọ.

Ó kan FontForge wàyí. Ẹ ṣẹ̀dà àmì méjèèjì sí àyè U+0301 àti U+0300, kí ẹ wá yan á, à, é àti ìyókù, títí kan ń àti ǹ, kí ẹ tẹ Build Accented Glyph. Wọ́n á tò fúnra wọn. Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́, Ọ̀ àti kékeré wọn ni kò ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni kọ̀ǹpútà ń rí. Ibẹ̀ ni "Ọ̀rẹ́" mi ti bàjẹ́. Ẹ ṣe àyè tuntun mẹ́jọ, kí ẹ fi Copy Reference kó lẹ́tà àti àmì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ gbé àmì sí àárín orí lẹ́tà, kí ẹ sì sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí mo fún ọ̀ ni uni1ECD0300; u kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà.

Ní ti ìrísí kejì, kí màmá tún tẹ́ńpílétì kejì kọ ní ìrọ̀rùn bíi ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n má ṣe wá ẹwà kún un: bí ìrísí méjèèjì bá yàtọ̀ jù, ojú á mú un kíákíá. Fáwẹ̀lì, n, k, l, r àti b ni kí ẹ mú ní dandan. Wọ́n wà lára èyí tó máa ń wáyé léraléra nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìrísí kejì o kò sì lè dé orí ò láìṣe pé ẹ gbé e débẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ so ò pọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ò méjèèjì nínú "Ìkòròdú" fi jọra nínú fọ́ǹtì mi. Mo kó o kejì àti àmì sínú àyè kan tí mo pè ní ograve.alt, mo wá kọ èyí sínú fáìlì .fea, ibi tí a ń kọ òfin fọ́ǹtì sí:

```
languagesystem DFLT dflt;
languagesystem latn dflt;
@leta = [a b d e f g h i j k l m n o p r s t u w y];
feature ccmp {
  sub uni1ECD gravecomb by uni1ECD0300;
} ccmp;
feature calt {
  sub ograve ograve' by ograve.alt;
  sub ograve @leta ograve' by ograve.alt;
} calt;
```

Merge Feature Info ni ẹ máa fi kó o wọlé. Òfin inú ccmp ló ń so ọ àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ọ̀; ẹ kọ irú rẹ̀ fún méje yòókù. Ìlà kẹta láti ìsàlẹ̀ wà fún ò méjì tó fara kanra; èyí tó tẹ̀ lé e ló mú "òrò" inú Ìkòròdú. Ẹ kọ irú wọn fún à, ì àti àwọn yòókù. Ohun kan gbà mí ní ọjọ́ méjì: òfin náà ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan, kò ṣiṣẹ́ nínú òmíràn. Fọ́ǹtì ti sọ r di ìrísí kejì rẹ̀ kí òfin mi tó dé, r yẹn kò sì sí nínú @leta. Ẹ kọ orúkọ ìrísí kejì gbogbo lẹ́tà sínú @leta pẹ̀lú.

LibreOffice máa ń lo calt, òfin tó ń pààrọ̀ ìrísí lẹ́tà, fúnra rẹ̀. Nínú Word, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí Font, kí ẹ tẹ Advanced, kí ẹ sì yan Use Contextual Alternates. Ẹ tẹ Ìkòròdú, Ọ̀rẹ́ àti dáadáa gàdàgbà-gàdàgbà sórí pépà kan kí ẹ tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí ò méjèèjì bá ṣì jọra, ẹ fi fáìlì .fea yín síbí, màá bá yín wò ó.