Owó tó wọ báǹkì kọ́ ni MRR yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àkúrẹ́ ni a wà, a ń ta sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà àti owó ilé-ìwé. Ìsọ̀ 40 ń san ₦6,000 lóṣooṣù. Àwọn 21 ń san lóṣù mẹ́ta mẹ́ta: ìsọ̀ 12 ní ₦16,500, ilé-ìwé 9 ní ₦24,000 ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Àwọn 25 tó kù ń san ₦60,000 lọ́dún. Ẹni tó kọ́ wa ní sẹminá ní ká máa ro gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì lóṣù kan pọ̀, pé òun ni MRR, ìyẹn owó tó ń wọlé léraléra lóṣooṣù. Oṣù kìíní jẹ́ ₦1,528,000, oṣù kejì jẹ́ ₦409,500. Ẹnì kan fẹ́ fi owó sí iṣẹ́ wa, ó sì ní ká mú MRR wá. Èwo ni ká fún un? Ṣé iṣẹ́ wa ti ń wó ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní ìkankan nínú méjèèjì. MRR yín jẹ́ ₦485,000 ní ìparí oṣù kìíní, iye kan náà ló sì jẹ́ ní ìparí oṣù kejì. Iṣẹ́ yín kò wó rárá. Ìṣirò tí wọ́n kọ́ yín ló wó.

Lemọ́lemọ́ ni irú ìbéèrè yìí ń dé, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹni tó gbowó sẹminá ló wà nídìí ẹ̀. Kí a ro álẹ́ẹ̀tì báǹkì pọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò owó. Ohun tí MRR ń sọ ni iye tí àwọn àdéhùn tó ṣì wà láàyè lónìí tó fún oṣù kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí a bá ti pín owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan sórí gbogbo oṣù tó sanwó fún. Ọjọ́ tí owó wọlé kò kàn án. Onílé tó gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé ní Ìjàpò kò ní jáde síta kó ní gbogbo owó tó gbà lọ́jọ́ náà ni owó ilé òun lóṣù kan.

Mo yẹ sítétímẹ́ǹtì tí ẹ fi ṣọwọ́ wò. Lóṣù kìíní, àwọn tó ń san lóṣooṣù mú ₦240,000 wá. Ìsọ̀ 8 nínú àwọn olóṣù mẹ́ta san ₦132,000. Ilé-ìwé 9 wọlé fún táàmù kejì, wọ́n san ₦216,000. Àwọn 14 nínú àwọn ọlọ́dọọdún tún àdéhùn wọn ṣe tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyẹn ₦840,000. Ẹ tún gba ₦100,000 lọ́wọ́ oníbàárà tuntun 5 láti gbé sọ́fítíwíà kalẹ̀ fún wọn. Nígbà tó di oṣù kejì, àwọn olóṣooṣù tún san ₦240,000, ìsọ̀ 3 san ₦49,500, àwọn ọlọ́dọọdún 2 san ₦120,000. Ó tán. Ta ló kúrò? Kò sẹ́ni kankan. Oníbàárà 86 ló wà lórí ìwé ní ìparí oṣù méjèèjì. Àwọn tí kò san lóṣù kejì ti san tiwọn sílẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti léwu ni owó àwọn ọlọ́dọọdún. Ká gbà pé ọjọ́ kìíní oṣù ni àwọn 14 yẹn bẹ̀rẹ̀. Nínú ₦840,000 tí wọ́n san, ₦70,000 péré lẹ ti ṣiṣẹ́ fún nígbà tí oṣù kìíní parí. ₦770,000 tó kù, gbèsè iṣẹ́ ni lọ́rùn yín, abẹ́ gbèsè ni akáńtáǹtì yóò sì kọ ọ́ sí nínú ìwé ọdún. Bí ẹ bá pe gbogbo rẹ̀ ní owó oṣù kìíní, tí ẹ fi gba òṣìṣẹ́ méjì, kí lẹ fẹ́ fi san owó wọn lóṣù karùn-ún? Bí àdéhùn yín bá sì gba oníbàárà láyè láti bèèrè owó oṣù tí kò lò, inú ₦770,000 yẹn náà ni yóò ti jáde.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ mú owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iye oṣù tí owó náà bò pín in. Àwọn olóṣooṣù rọrùn: ₦6,000 lọ́nà 40 jẹ́ ₦240,000. Àwọn ìsọ̀ olóṣù mẹ́ta: ₦16,500 tí a pín sí 3 jẹ́ ₦5,500, lọ́nà 12 ó di ₦66,000. Gbogbo àwọn 12 la kà lóṣooṣù, ì báà jẹ́ oṣù tí wọ́n sanwó, ì báà jẹ́ oṣù tí wọn kò san kọ́bọ̀.

Ní ti àwọn ọlọ́dọọdún, ₦60,000 tí a pín sí 12 jẹ́ ₦5,000, lọ́nà 25 ó jẹ́ ₦125,000. Àwọn kan á ní, "ṣebí ₦6,000 ni owó oṣù kan, ẹ kà á bẹ́ẹ̀." Rárá o. Owó oṣù 10 lẹ gbà, iṣẹ́ oṣù 12 lẹ óò ṣe, ẹ̀dínwó oṣù 2 lẹ fún wọn. Iye tí wọ́n san gan-an la ń pín, a ò wo iye tó wà lára pátákó. Nítorí náà, bí ìsọ̀ kan ní Ọjà Ọba bá kúrò lórí ₦6,000 lóṣooṣù bọ́ sórí ₦60,000 lọ́dún, báǹkì yín á dún gbì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n MRR yín á fi ₦1,000 lọ sílẹ̀. Kò burú, ó lè jẹ́ òwò tó dáa, torí owó ti wà lọ́wọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ilé-ìwé ló kù, àwọn ni ẹ sì kó mọ́ ibi tí kì í ṣe tiwọn. Táàmù kì í ṣe oṣù mẹ́ta nínú ìṣirò yìí. Táàmù mẹ́ta ló wà lọ́dún, ilé-ìwé kan yóò san ₦24,000 lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ₦72,000 fún oṣù 12. Oṣù kan jẹ́ ₦6,000. Nítorí náà 4 la ó fi pín owó táàmù, kì í ṣe 3. Bí ẹ bá fi 3 pín in, ₦8,000 ló máa jẹ́, bí ẹni pé ilé-ìwé yóò san owó yìí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Lórí ilé-ìwé 9, ẹ ti fi ₦18,000 tí kò sí níbì kankan kún MRR. Èyí tó tọ́ ni ₦54,000. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí àwọn òyìnbó ṣe fún irú ìṣirò yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ táàmù. Bí ẹ bá ti yan oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀, 3 ló máa fi pín in láìbèèrè.

Ẹ ro ó pọ̀: 240,000 àti 66,000 àti 54,000 àti 125,000. ₦485,000 nìyẹn.

Lórí Excel, ẹ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Orúkọ wà ní A, irú àdéhùn ní B, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní C, ọjọ́ ìparí ní D, owó ní E, iye oṣù ní F, owó oṣù kan ní G. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mọ MRR rẹ̀ ni kí ẹ kọ sí J1, bí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù. Èyí àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí lọ sí G2, ẹ fà á wálẹ̀. Èkejì ni àròpọ̀, ẹ gbé e sí J2.

```
=E2/F2
=SUMIFS(G:G,C:C,"<="&J1,D:D,">="&J1)
```

Nǹkan méjì ló máa ń ba ìwé yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni oníbàárà tó tètè san tuntun kí ti àtijọ́ tó parí. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ tó sanwó sí C, ìlà méjì á wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kejì sí ìparí ti àtijọ́ ni kí ẹ kọ. Èkejì ni àwọn ilé-ìwé: bí ẹ bá fi ọjọ́ tí wọ́n gba ìsinmi ṣe ọjọ́ ìparí, gbogbo wọn á pòórá lóṣù kẹjọ, ẹ ó sì rò pé wọ́n ti sá lọ. Ẹ pín ọdún wọn sí oṣù mẹ́rin mẹ́rin: oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá, oṣù kìíní sí ìkẹrin, oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ.

₦100,000 ìgbékalẹ̀ yẹn kò wọ MRR rárá, bẹ́ẹ̀ ni owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ tà, torí kò ní padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Bí VAT bá wà nínú iye tí ẹ ń gbà, ti ìjọba ni, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó pín: ₦6,000 tí VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀, ₦5,581.40 ni tiyín níbẹ̀. Mo ṣírò tiyín bí ẹni pé kò sí VAT nínú rẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan ní kí ẹ kàn ro owó ọdún tó kọjá pọ̀, kí ẹ fi 12 pín in. Owó ẹni tó ti kúrò láti oṣù kẹfà ṣì wà nínú ìyẹn, ẹni tó dé lánàá kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn níbẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ fi owó síṣẹ́ yín, ẹ kọ ₦485,000, kí ẹ sì ya ₦54,000 àwọn ilé-ìwé sọ́tọ̀ lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé pé táàmù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún un san. Ilé-ìwé tí kò tíì fọwọ́ sí ti ọdún kan gbáko lè má padà, ó sì yẹ kí onítọ̀hún mọ̀. Ẹ kọ òfin yín lórí àwọn tó ń pẹ́ san síbẹ̀ pẹ̀lú: ṣé lẹ́yìn ọjọ́ 15 lẹ ń yọ wọ́n ni, àbí 30? Èyí tí ẹ bá mú, ẹ má yí i padà torí àlejò. MRR kò sí nínú ìlànà ìṣirò tí ìjọba fọwọ́ sí, kò sì sí nínú IFRS, ìlànà ìṣirò owó ti àgbáyé, nítorí náà ẹ má gbé e lọ bá àwọn olówó-orí. Ìwé owó-orí, akáńtáǹtì tó ní ìwé àṣẹ ICAN tàbí ANAN ni kó bá yín ṣe é, torí mi ò rí àdéhùn yín kà tán.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ mú MRR oṣù tó kọjá, ẹ fi ti àwọn tuntun àti àwọn tó fi kún owó wọn kún un, ẹ yọ ti àwọn tó dín in kù àti àwọn tó lọ. Bí kò bá bá J2 mu, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ tó wà lórí ìlà méjì.