Wíwá log 4.7 láìsí ẹ̀rọ ìṣirò

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà lẹ́sìn tó ń kọ́ ọmọ mi ní Adó-Èkìtì níbí ní log 1 jẹ́ 0, log 10 jẹ́ 1, kí ó kàn pín àárín wọn dọ́gbadọ́gba. Ó rí 0.41 fún log 4.7, ìwé tábìlì sì ní 0.6721. Àbí tábìlì wa ti gbó ni?

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe tábìlì yín, Màmá. Tíṣà lẹ́sìn yẹn ló ń ṣi ọmọ lọ́nà, mo sì ti rí irú wọn rí tó ń gbowó lórí ẹ̀.

Lọ́gárídíìmù kì í tẹ̀lé àfikún, ìlọ́po ló ń tẹ̀lé. Láti 1 dé 2, ó fi 0.3010 gòkè. Láti 2 dé 4, 0.3010 náà ni. Láti 4 dé 8, kò yí padà. Nítorí náà, tí ẹ bá fi 1 kún 1, ẹ rí 0.3010, ẹ fi 1 kan náà kún 9, 0.0458 péré lẹ máa rí. Ibo ni dọ́gbadọ́gba wá wà níbẹ̀?

Ẹ wo òkè Olóṣùnta. Bí ẹ bá so okùn láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, tí ẹ fà á le gbọin, inú àpáta ni okùn náà máa gbà. Ìdí nìyẹn tí pípín àárín fi máa ń dín ju òótọ́ lọ, kì í lé. Bí orí okùn méjèèjì bá sún mọ́ra ni àṣìṣe ń kéré.

Kí ọmọ mọ log 2 = 0.30103 àti log 3 = 0.47712 sórí. Kó wá lo nọ́mbà méjì tó sún mọ́ 4.7, ìyẹn 4.5 àti 4.8. 4.5 ni 9 tí a fi 2 pín: 0.95424 − 0.30103 = 0.65321. 48 ni 2 × 2 × 2 × 2 tí a fi 3 sọ di púpọ̀: 1.20412 + 0.47712 = 1.68124. Ẹ yọ 1 kúrò, ìyẹn log 10, log 4.8 di 0.68124. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 0.02803. 4.7 ti rin ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà náà, ìyẹn 0.01869. Ẹ fi kún 0.65321: 0.6719. Ó kù díẹ̀ kó bá tábìlì mu, ó sì dín lóòótọ́. Bó bá jẹ́ àárín 4 àti 5 ló pín, 0.6699 ni ì bá rí.

Kó má fi 0.3010 lásán ṣe 48 o. Ìlọ́po mẹ́rin á sọ ohun kékeré tó gé dànù di ńlá. Bí ìdánwò bá sì ní kó lo tábìlì, tábìlì ni kó lò. Mi ò ní bá yín dúró fún máàkì.

Láàárín 1 àti 2, kó má pín rárá. Ìdajì ọ̀nà máa fún un ní 0.1505 fún log 1.5, nígbà tí log 3 − log 2 fún un ní 0.1761 láìwá ibì kankan.